Bí a ṣe ń kó iṣẹ́ kúrò lórí Trello ọ̀fẹ́ láì gbàgbé kọ́mẹ́ǹtì àtijọ́ sẹ́yìn

Ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé wa nítòsí Tákíè, l'Ógbòmọ̀ṣọ́, gbogbo iṣẹ́ tó bá wọlé ló ní káàdì tirẹ̀ lórí Trello. Jọ́tà fídáù ni o, kálẹ́ńdà ni o, báńà ìgbéyàwó ni o, inú kọ́mẹ́ǹtì la ń kọ iye tí a jọ sọ àti àwọ̀ tí oníbàárà fẹ́ sí. Ti ọ̀fẹ́ la ń lò. Ti ọ̀fẹ́ kò sì gbà ju bóòdù 10 tó ṣí sílẹ̀ lọ nínú Workspace kan. Nígbà tí tiwa kún, ọmọ iṣẹ́ mi kó bóòdù ọdún tó kọjá jáde sórí láptọ́ọ̀pù, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ n kúkú pa á rẹ́. Gbogbo ẹ̀ ti wà níbí."

Mo ní kó bá mi wá káàdì jọ́tà Alhaja kan nínú fáìlì náà. Káàdì wà níbẹ̀. Orúkọ wà níbẹ̀. Kọ́mẹ́ǹtì tí a kọ iye owó sí ni kò sí.

Ọmọ náà kò ṣe é lódì. Bí fáìlì yẹn ṣe rí nìyẹn. Tí ẹ bá kó bóòdù jáde, gbogbo káàdì ló máa bá a wá, àmọ́ ìgbésẹ̀ 1,000 tó kẹ́yìn nìkan ló máa bá a wá. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé ìgbésẹ̀ ni Trello ka kọ́mẹ́ǹtì sí. Tí ẹ bá ṣí káàdì tuntun, ìgbésẹ̀ kan nìyẹn. Tí ẹ bá gbé e láti òpó "Ó wà lọ́wọ́" lọ sí òpó "Ó ti parí", òmíràn nìyẹn. Àwòrán tí ẹ fi sí i, ọjọ́ tí ẹ yí padà, ẹni tí ẹ fi kún un, gbogbo rẹ̀ ló ń jẹ nínú 1,000 yẹn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò tiwa. Iṣẹ́ kan lọ́dọ̀ wa máa ń gba ìgbésẹ̀ bíi 12 kó tó kúrò nílẹ̀. Tí ẹ bá pín 1,000 sí 12, iṣẹ́ 83 péré ni. Iṣẹ́ mẹ́fà là ń gbà lọ́sẹ̀. Ìyẹn ni pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 14, kọ́mẹ́ǹtì tó ti pẹ́ jùyẹn lọ kò ní sí nínú fáìlì tí ẹ kó jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì wà lórí bóòdù fúnra rẹ̀ tí ẹ ń fojú rí i. Ohun tó ń tan èèyàn jẹ nìyẹn.

Ẹ kọ́kọ́ kó o jáde ná. Ẹ ṣí bóòdù lórí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ àmì ••• tó wà lápá ọ̀tún lókè, ẹ wá Print, export, and share, kí ẹ tẹ Export as JSON. Ẹ ó rí CSV náà níbẹ̀, àmọ́ àwọn tó ń san owó Premium tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nìkan ló wà fún. Tó bá jẹ́ pé ojú ewé tuntun ló ṣí tí ọ̀rọ̀ kún inú rẹ̀ gbuurugbu, ẹ tẹ Ctrl+S, kí ẹ fi orúkọ boodu.json pa á mọ́.

Ẹ wá dán an wò. Ẹ lọ sórí bóòdù, ẹ wá káàdì tó pẹ́ jù lọ tó ní kọ́mẹ́ǹtì, kí ẹ mú nǹkan kan nínú kọ́mẹ́ǹtì náà. Ẹ ṣí boodu.json, ẹ tẹ Ctrl+F, kí ẹ wá nǹkan ọ̀hún. Nọ́ńbà ni kí ẹ mú, bí iye owó, torí ọ̀rọ̀ tó ní àmì ohùn lè wà níbẹ̀ kí kọ̀ǹpútà máà rí i tí ọ̀nà tí a gbà tẹ àmì bá yàtọ̀. Ẹ má sì wá àkọlé káàdì. Àkọlé kì í sọ nù, ó máa kàn fi yín lọ́kàn balẹ̀ lásán ni. Ẹni tó bá ní Python lè ṣe é báyìí:

```
python3 -c "import json; a=json.load(open('boodu.json', encoding='utf-8'))['actions']; print(len(a), a[-1]['date'])"
```

Nígbà tí a ṣe é, 1000 ló gbé jáde, pẹ̀lú ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹsàn-án. Oṣù Kìíní la sì ti ń lo bóòdù náà. Tí nọ́ńbà yín kò bá tó 1000, gbogbo ìgbésẹ̀ yín ti wọlé, ẹ fò lọ sí ọ̀rọ̀ fáìlì nísàlẹ̀.

Tó bá pé 1000, káàdì lẹ́ ó máa mú níkọ̀ọ̀kan, torí káàdì kọ̀ọ̀kan ní ìtàn tirẹ̀, kò sì wọ́pọ̀ kí káàdì kan ṣoṣo ní ìgbésẹ̀ 1,000. Ẹ ṣí káàdì, ẹ wo àdírẹ́sì rẹ̀ lókè bráúsà. Lẹ́yìn `/c/`, ẹ ó rí lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́jọ. Ẹ gé ohun tó tẹ̀ lé e dànù, kí ẹ fi .json sí i, báyìí:

```
https://trello.com/c/AbCd1234.json
```

Orí àkáǹtì yín ni kí ẹ wà o. Iṣẹ́ sùúrù ni. Àwa ò ṣe ti gbogbo káàdì. Àwọn tí owó ńlá wà níbẹ̀, àti àwọn oníbàárà tó máa ń padà wá, la mú. Káàdì 41 ni, ọmọ iṣẹ́ mi sì parí ẹ̀ kí iná tó lọ.

Ó ku àwọn fáìlì. JSON kò gbé àwòrán kankan, àdírẹ́sì wọn ló gbé. Ẹ da àdírẹ́sì kan kọ sínú fèrèsé àdáni bráúsà, níbi tí ẹ ò ti wọlé sí àkáǹtì, ẹ ó rí i pé kò ní ṣí. Ẹ gbọ́dọ̀ wa fáìlì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ látinú káàdì rẹ̀. Ti ọ̀fẹ́ kò gba fáìlì tó ju mẹ́gábáìtì 10 lọ, nítorí náà àwọn iṣẹ́ CorelDRAW wa tó wúwo, lìǹkì Google Drive nìkan ló wà lórí káàdì wọn. Tí ẹnìkan bá yọ wọ́n kúrò ní Drive, òfìfo ni lìǹkì yẹn. Trello kì í sì í tọ́jú ẹ̀yà àtijọ́ fáìlì. Tí ẹ bá yọ kálẹ́ńdà àkọ́kọ́ kí ẹ tó fi èyí tí a tún ṣe sí i, ti àkọ́kọ́ ti lọ nìyẹn. Àwa ń fi 1, 2, 3 sídìí orúkọ wọn, a ò sì í yọ èyíkéyìí.

Fún àwọn ohun tí ẹ ti fi sí Archive, wọ́n máa bá JSON wá, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. Káàdì tí ẹ dá fi síbẹ̀ máa ní `"closed":true`. Tó bá jẹ́ odidi òpó lẹ fi síbẹ̀, òpó nìkan ló máa ní àmì yẹn. Àwọn káàdì inú rẹ̀ ṣì máa ní `"closed":false`, bí iṣẹ́ tó ṣì wà lọ́wọ́. Tí ẹ bá fẹ́ ka iṣẹ́ tó ti parí, ẹ wo òpó tí káàdì wà kí ẹ tó kà á.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, Close board ni kí ẹ tẹ̀, kì í ṣe Permanently delete board. Èyí tí a tì ṣì ṣeé ṣí padà, kò sì sí lára bóòdù 10. Èyí tí a pa rẹ́ kì í padà wá mọ́.

Kọ́mẹ́ǹtì Alhaja wà nínú káàdì kẹtàlá tí ọmọ náà mú: jọ́tà 300, ₦850 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ₦255,000 lápapọ̀, ìwé inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ní ìlà. Ìlà yẹn gan-an ni à bá ṣì tẹ̀ sí i.