Gbèdéke Tí Kò Pọ́n: Ìtọ́sọ́nà Lórí Ìwé Iṣẹ́ Inú Excel fún Àwọn Tí Wọ́n Jọ Ń Sin Adìyẹ

A kọ ìwé yìí nítorí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ tí wọ́n jọ ń sin adìyẹ ní apá Ìfàkò-Ìjàyè. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹfà ọdún 2025 ni wọ́n gba 200 ọmọ adìyẹ, wọ́n sì kọ gbogbo iṣẹ́ ilé adìyẹ náà sínú Excel: iṣẹ́ fúnra rẹ̀, ẹni tí yóò bójú tó o, gbèdéke rẹ̀, àti ipò tí ó wà. Wọ́n ṣètò rẹ̀ débi pé ìlà iṣẹ́ tí gbèdéke rẹ̀ bá kọjá tí a kò sì tíì ṣe é ni kí ó máa pọ́n fúnra rẹ̀. Oògùn àjẹsára Gọ́mbórò ẹlẹ́ẹ̀kejì bọ́ sí ọjọ́ 23 oṣù kẹfà. Ọjọ́ náà dé, ó sì kọjá, ṣùgbọ́n ìlà náà funfun báláú, kò sì sí ẹni tí ó bèèrè. Nígbà tí àrùn náà wọlé nínú oṣù keje, òkú adìyẹ 73 ni wọ́n kó jáde.

Bí a ṣe ń po oògùn mọ́ omi kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé yìí, nítorí ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ òpó gbèdéke ni, nítorí pé àṣìṣe kan náà ni mo ń bá nínú ìwé iṣẹ́ ẹgbẹ́ kan lẹ́yìn òmíràn: ohun tí ó jọ ọjọ́ lójú yín kì í ṣe ọjọ́ lójú Excel.

Mo jókòó ti kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ náà, mo sì yẹ ìlà mẹ́ta wò. Gọ́mbórò àkọ́kọ́, tí dókítà ẹran fi sí ọjọ́ 11 oṣù kẹfà, ni akọ̀wé tẹ̀ báyìí: 11/06/2025. Gọ́mbórò ẹlẹ́ẹ̀kejì ni ó tẹ̀ ní 23/06/2025. Lásótà tí ó jẹ́ ti ọjọ́ 3 oṣù keje ni ó tẹ̀ ní 03/07/2025. Kò ṣi ọjọ́ kankan kọ. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà àlòkù tí wọ́n rà ní Òtígbà ní Ìkẹjà ṣì wà lórí ètò Amẹ́ríkà, níbi tí oṣù ti máa ń ṣáájú ọjọ́. Nítorí náà, Excel ka ti àkọ́kọ́ sí ọjọ́ 6 oṣù kọkànlá, ó sì dákẹ́, torí pé oṣù kọkànlá ṣì jìnnà. Ọpẹ́lọpẹ́ dókítà ẹran tí ó fi fóònù pè wọ́n ni wọ́n fi rántí lo oògùn ọjọ́ náà. Ó ka ti Lásótà sí ọjọ́ 7 oṣù kẹta, èyí tí ó ti kọjá láti bí oṣù mẹ́ta, ìlà náà sì pọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Akọ̀wé ní kọ̀ǹpútà ń ṣe ségesège, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ṣe jáwọ́ nínú wíwo àwọ̀ pupa.

Èyí tí ó pa adìyẹ ni ti àárín. Kò sí oṣù kẹtàlélógún, nítorí náà Excel kò rí ọjọ́ kankan nínú 23/06/2025. Ó gbà á gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ lásán, bí ìgbà tí a kọ orúkọ ènìyàn. Ọjọ́ gidi jẹ́ nọ́ńbà nínú Excel: ọjọ́ 23 oṣù kẹfà 2025 ni 45831, nítorí pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1900 ni ó ti ń ka ọjọ́ bọ̀. Bí a bá fi ọ̀rọ̀ wé nọ́ńbà, Excel a máa sọ pé ọ̀rọ̀ ni ó tóbi jù, ní ìgbà gbogbo. Ọjọ́ tí a kọ bí ọ̀rọ̀ kò lè “kọjá” láéláé, ìlà rẹ̀ kò sì ní pọ́n títí ayé.

Ojú lásán lè fi èyí hàn yín. Bí ẹ kò bá tíì fọwọ́ kan ètò bí ohun ṣe ń tò nínú òpó náà, ọjọ́ gidi a máa fara ti ògiri ọ̀tún àpótí rẹ̀, ọ̀rọ̀ a sì máa fara ti ògiri òsì. Nínú ìwé iṣẹ́ ti Ìfàkò yẹn, 23/06/2025 nìkan ni ó lọ sí òsì láàárín àwọn mẹ́ta náà. Ó ti wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ ṣe, kí ẹ tó tẹ ohunkóhun, ni kí ẹ ṣí Control Panel nínú Windows, kí ẹ wọ Region, kí ẹ sì yí Format sí English (United Kingdom), kí ọjọ́ lè máa ṣáájú oṣù. Ẹ wo aago tí ó wà ní igun ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún pẹ̀lú. Bí bátìrì kékeré inú kọ̀ǹpútà àlòkù bá ti kú, ọjọ́ rẹ̀ lè padà sẹ́yìn ní ọ̀pọ̀ ọdún nígbàkúùgbà tí iná bá lọ, kò sì sí gbèdéke tí yóò pọ́n lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ kọ orí òpó mẹ́rin sí ìlà kìíní: Iṣẹ́ sí A, Olùbójútó sí B, Gbèdéke sí C, Ipò sí D. Orúkọ ẹnìkan ṣoṣo ni kí ó wà nínú B. Mo ti rí “gbogbo wa” níbẹ̀ rí, inú mi kò sì dùn sí i. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnìkan ni yóò gbé yìnyín àti oògùn láti ilé ìtajà dé ilé adìyẹ, ẹni náà sì gbọ́dọ̀ mọ ara rẹ̀.

Ní ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ kọ ipò mẹ́ta sí F2, F3 àti F4, ní títẹ̀léra: Kò tíì bẹ̀rẹ̀, Ó ń lọ, Ó ti parí. Ẹ sàmì sí D2 títí dé D200, ẹ lọ sí Data, Data Validation, ẹ yan List, kí ẹ sì kọ =$F$2:$F$4 sí Source. Láti ìgbà náà lọ, yíyan ni a ó máa yan ipò, a kò ní máa tẹ̀ ẹ́. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹnìkan yóò fi àmì ohùn sí i, ẹlòmíràn kò ní fi sí i, “O ti pari” àti “Ó ti parí” kò sì dọ́gba lójú Excel.

Ní báyìí, ẹ fa ìsàmì láti A2 dé D200. Láti A2 ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ má fà á láti ìsàlẹ̀ wá sókè, nítorí ìlà tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ni fọ́múlà yóò máa kà sí ìlà àkọ́kọ́. Ẹ lọ sí Home, Conditional Formatting, New Rule, lẹ́yìn náà Use a formula to determine which cells to format. Ẹ tẹ èyí sí i, kí ẹ sì yan àwọ̀ pupa lábẹ́ Format:

```
=AND(ISNUMBER($C2),$C2<TODAY(),$D2<>$F$4)
```

Ohun tí ó ń sọ ni pé: bí gbèdéke bá jẹ́ ọjọ́ gidi, tí ó ṣáájú òní, tí ipò kò sì jẹ́ “Ó ti parí”, kí ìlà náà pọ́n. Àmì $ gbọ́dọ̀ ṣáájú C àti D, kò sì gbọ́dọ̀ ṣáájú 2. Bí ẹ bá kọ $C$2, gbogbo ìlà ni yóò máa wo gbèdéke iṣẹ́ àkọ́kọ́ nìkan, tí gbogbo ìlà tí ipò wọn kò jẹ́ “Ó ti parí” yóò pọ́n lẹ́ẹ̀kan náà tàbí kí wọ́n funfun lẹ́ẹ̀kan náà.

Òfin kejì ni àwọn ènìyàn máa ń fò, òun sì ni ìbá gba adìyẹ wọ̀nyẹn là. Ẹ tún sàmì sí ibì kan náà, ẹ ṣe òfin tuntun, ẹ fún un ní àwọ̀ òfeefèé:

```
=AND($A2<>"",NOT(ISNUMBER($C2)))
```

Iṣẹ́ èyíkéyìí tí a kọ, tí kò ní gbèdéke, tàbí tí gbèdéke rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán, yóò di òfeefèé lójú ẹsẹ̀. Ẹ dán méjèèjì wò kí ẹ tó tẹ̀ síwájú. Ẹ kọ iṣẹ́ kan sí A2, ẹ tẹ “lọ́la” sí C2: òfeefèé. Ẹ pa á rẹ́, ẹ tẹ ọjọ́ àná sí i: pupa láti A dé D. Ẹ yan “Ó ti parí” nínú D2: àwọ̀ náà yóò lọ. Bí ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ padà sí ibi àmì $.

Ìgbà tí ìdánwò bá yege ni kí ẹ wá fi ìlẹ̀kùn sí òpó gbèdéke. Ẹ sàmì sí C2 títí dé C200, ẹ tẹ Ctrl+1, ẹ yan Custom, kí ẹ sì kọ dd-mmm-yyyy, kí oṣù máa hàn ní lẹ́tà. Lẹ́yìn náà, ẹ padà sí Data Validation, ẹ yan Date àti between, ẹ kọ =TODAY() sí Start date àti =TODAY()+90 sí End date. Ẹ wo bí yóò ti ṣe sí àwọn ìlà mẹ́ta ti Ìfàkò bí a bá tẹ̀ wọ́n ní ọjọ́ 2 oṣù kẹfà, kódà lórí ètò Amẹ́ríkà: kò ní gba oṣù kẹta nítorí pé ó ti kọjá, kò ní gba oṣù kọkànlá nítorí pé ó ju 90 ọjọ́ lọ, kò sì ní gba 23/06/2025 nítorí pé kì í ṣe ọjọ́.

Ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn yìí ní ihò méjì. Ohun tí ẹ bá dà kọ láti inú Wáìsáàpù, tí ẹ sì lẹ̀ mọ́ òpó náà, kò ní gba ẹnu ìlẹ̀kùn kọjá rárá, àfi kí òfin òfeefèé bá yín mú un bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀. Èkejì sì ni pé bí ètò Amẹ́ríkà bá ṣì wà, 06/07/2025 lè di ọjọ́ 7 oṣù kẹfà dípò ọjọ́ 6 oṣù keje, méjèèjì yóò sì bọ́ sáàárín 90 ọjọ́. Nítorí náà, ẹ máa tẹ oṣù ní lẹ́tà, báyìí: 6-Jul-2025. Kò sí ètò tí yóò ṣi ìyẹn kà.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ní ìwé iṣẹ́ àtijọ́, ẹ sàmì sí òpó gbèdéke, ẹ lọ sí Data, Text to Columns, ẹ tẹ Next lẹ́ẹ̀mejì, ẹ yan Date àti DMY, kí ẹ sì tẹ Finish. Àwọn tí wọ́n jẹ́ ọ̀rọ̀ yóò di ọjọ́ gidi. Àwọn tí Excel ti yí oṣù wọn padà láti ìbẹ̀rẹ̀ kò ní yí padà, nítorí ọjọ́ gidi ni wọ́n lójú rẹ̀. Láàárín ọjọ́ 1 sí ọjọ́ 12 oṣù nìkan ni irú wọn ti lè ṣẹlẹ̀, nítorí náà iṣẹ́ náà kò pọ̀: kí ẹnìkan di ìwé tí dókítà ẹran kọ mú, kí ó máa ka ọjọ́ wọ̀nyẹn sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹlòmíràn sì máa wo ojú kọ̀ǹpútà, kí ó máa dáhùn orúkọ oṣù tí ó rí níbẹ̀.