Bí mo ṣe tún orí ṣáwà tí omi rẹ̀ ò lágbára ṣe

Omi ṣáwà mi ò lágbára mọ́, àwọn ihò kan sì ń tu omi sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ̀rún funfun tí omi ń fi sílẹ̀ bó bá gbẹ ló dí wọn. Mo tú orí rẹ̀, mo rì í sínú fínígà funfun fún wákàtí kan, mo wá fi àtàǹpàkò ra àwọn ihò onírọ́bà náà títí ẹ̀rún fi já bọ́. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ gún un, ó lè ya rọ́bà.

Omi wá ń lọ tààrà, àmọ́ kò tíì lágbára. Ó ní láti jẹ́ pé nǹkan dí ibi tó ń gbà wọlé. Lábẹ́ wáṣà ẹnu ibẹ̀ ni asẹ́ kékeré kan wà, iyanrìn àti ìpẹtà páìpù ti bò ó. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ̀ ọ́ láti ẹ̀yìn, omi sì tú jáde dáadáa.