Ẹ̀bùn fún ìyá ìkókó fúnra ẹ̀
Ẹ̀yin tèmi, tẹ́ ẹ bá ń lọ kí ìyá ìkókó, ẹ fi aṣọ ọmọ sílẹ̀ jàre, ìyẹn ti pọ̀ jù. Àbúrò mi bímọ l'Óṣogbo níbí lóṣù tó kọjá, wọ́n rán an lójú ara, tó bá wá ń tọ̀ ńṣe ló ń ta á bí ata. Mo gba Ọjà Ọba lọ, mo ra ike onímú kékeré tó ṣeé tẹ̀, báfù kan, àti páàdì ńlá. Tó bá ń tọ̀, á máa tẹ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ síbẹ̀, kò ta á tó tẹ́lẹ̀ mọ́, á wá fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ gbẹ, kì í nù ún o. Inú báfù ló ń jókòó sí fún bíi ìṣẹ́jú 10, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni mo wí o, kì í ṣe omi híhó táwọn ìyá wa fẹ́ràn yẹn, ẹ má sì da Dẹ́tọ́ọ̀lù sí i, ó ń jó ojú ọgbẹ́. Tó bá ń rùn, tàbí ara ẹ̀ gbóná, tàbí páàdì kan kún fọ́fọ́ láàárín wákàtí kan, ọsibítù ni kíá. Mo tún san owó alágbàfọ̀ ọ̀sẹ̀ méjì fún un, kó lè rí oorun ọ̀sán sùn.