Bí mo ṣe yan ìbú ìpín fún hísítógíráàmù owó oṣù ẹgbẹ̀rún ènìyàn

Dátà tó wà lọ́wọ́ mi jẹ́ owó tó ń wọlé lóṣù fún ènìyàn 1,046 nílùú Ìbàdàn. Wọ́n gbà á sílẹ̀ lẹ́yìn tí owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin ti kúrò ní ₦30,000, tó di ₦70,000 ní oṣù keje ọdún 2024. Ẹnu ni wọ́n fi bi àwọn ènìyàn náà, ẹnu náà ni wọ́n fi dáhùn. Kò sí ẹni tó mú ìwé báńkì jáde. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ló pinnu ìbú tí mo lò níkẹyìn, ìyẹn bí ìpín owó tí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan dúró fún ṣe fẹ̀ tó.

Mo kọ́kọ́ yọ àwọn 46 tó ní kò sí owó kankan tó wọlé sọ́tọ̀. Òdo kì í ṣe owó kékeré. Ẹni tí kò ríṣẹ́ ṣe lóṣù yẹn ni. Bí a bá dà wọ́n pọ̀ mọ́ ìpín àkọ́kọ́, ọ̀pá ibẹ̀ á ga sókè, ẹni tó ń wò ó á sì rò pé àwọn tó ń gba owó táṣẹ́rẹ́ ló pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó wá ku 1,000. Owó tó kéré jù jẹ́ ₦8,000, èyí tó pọ̀ jù jẹ́ ₦2,400,000. Nígbà tí mo tò wọ́n láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, owó ẹni tó wà nípò 250 jẹ́ ₦40,000, ti ẹni ipò 500 jẹ́ ₦70,000, ti ẹni ipò 750 sì jẹ́ ₦110,000.

Bí a kò bá sọ nǹkan kan fún NumPy, ohun èlò ìṣírò inú Python tí mo ń lò, ìpín mẹ́wàá ló máa ń gé. Láti ₦8,000 dé ₦2,400,000, ìpín kọ̀ọ̀kan á fẹ̀ tó ₦239,200, ènìyàn 952 á sì kó sínú ìpín àkọ́kọ́ nìkan. Ọ̀pá gíga kan á dúró lápá òsì, ìyókù á sùn sílẹ̀ bí ilà. Òfin Sturges ti ọdún 1926 kò yọ wá nínú èyí. Iye ènìyàn nìkan ló ń wò, kì í wo bí owó ṣe fọ́nká: fún 1,000 ènìyàn, ìpín 11 ló ní kí a gé, ìbú rẹ̀ sì lé ní ₦217,000. Ẹnì kan ṣoṣo tó ń gba ₦2,400,000 ti fa gbogbo ìpín gùn, àwọn 952 ló sì ń jìyà rẹ̀.

Òfin méjì mìíràn wà tó ń wo ìfọ́nká. Ti Scott, ọdún 1979, ń lo `std`, ìwọ̀n bí owó ṣe jìnnà sí ìpíndọ́gba tó. Ti Freedman àti Diaconis, ọdún 1981, ń lo àlàfo láàárín owó ẹni ipò 250, `Q1`, àti ti ẹni ipò 750, `Q3`. `h` ni ìbú, `n` ni iye ènìyàn:

```
Scott: h = 3.49 * std / n**(1/3)
FD:    h = 2 * (Q3 - Q1) / n**(1/3)
```

Pẹ̀lú 1,000 ènìyàn, `n**(1/3)` jẹ́ 10 gééré, kò le láti fi ọwọ́ ṣírò. `std` dátà yìí jẹ́ 120,000, nítorí náà Scott fún mi ní nǹkan bíi ₦42,000. Àlàfo ti FD jẹ́ ₦70,000, ó sì fún mi ní ₦14,000. Ìdí tí wọ́n fi jìnnà síra ni pé àwọn olówó ńlá díẹ̀ máa ń fẹ `std` lójú, ṣùgbọ́n wọn kò lè mi àlàfo àárín. Fún owó oṣù, FD ni mo máa ń fọkàn tán ju Scott lọ. Síbẹ̀, ibi ìbẹ̀rẹ̀ ni mo fi ń ṣe, mi ò kí ń gbà á wọlé bó ṣe wà. Bí a bá kọ `bins='auto'`, NumPy á mú FD níbí náà, ṣùgbọ́n láti orí ₦8,000 ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í gé, etí àwọn ìpín á sì bọ́ sórí àwọn owó bíi ₦21,988 tí kò nítumọ̀ sí ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ ni mo fi to ti tèmi láti òdo.

Pẹ̀lú ₦14,000, iye ènìyàn láti ₦28,000 lọ rí báyìí: 172, 119, 83, 184, 27, 75. Ó ga, ó rẹlẹ̀, ó tún ga, bí eyín ayùn. Ẹni tó bá wò ó lójú lásán á ní ẹgbẹ́ mẹ́ta ló wà nínú dátà yìí, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá orúkọ fún wọn. Kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀. Bí ènìyàn bá ń fẹnu sọ owó oṣù rẹ̀, á yí i sí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá tó súnmọ́ ọn. Ìpín 28,000 sí 42,000 gba ₦30,000 àti ₦40,000 mọ́ra. Ìpín 42,000 sí 56,000 gba ₦50,000 nìkan. Ìpín tó tẹ̀ lé e gba ₦60,000 nìkan, torí etí ló gbé ₦70,000 lọ sínú èyí tó wà níwájú, níbi tó ti bá ₦80,000. Ìpín tó ní owó pípé méjì ga, èyí tó ní ẹyọ kan rẹlẹ̀. Eyín wọ̀nyẹn kò wá láti ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn náà rárá. 14 tí 10 kò lè pín géérégé ló bí wọn.

Kí n tó tún fọwọ́ kan ìbú, mo ka owó kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an:

```python
iye, igba = np.unique(owo, return_counts=True)
```

Ènìyàn 97 ló sọ ₦50,000, 71 sọ ₦60,000, 118 sọ ₦70,000, 49 sọ ₦80,000, 20 sọ ₦90,000, 51 sọ ₦100,000. Àwọn tó sọ ₦65,000 jẹ́ 12 péré, ti ₦75,000 jẹ́ 14. Ó hàn pé ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ni wọ́n ń yí owó sí. Ìbú tó bá ti yẹ fún dátà yìí, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá gbọ́dọ̀ lè pín in láìkù: 10,000, 20,000 tàbí 30,000.

Ọ̀rọ̀ etí tún wà níbẹ̀. Bí etí ìpín bá bọ́ sórí ₦70,000 gan-an, ènìyàn 118 ló dúró sẹ́nu ààlà, ibi tí wọn yóò wọ̀ sì wà lọ́wọ́ ohun èlò tí a ń lò. NumPy á tì wọ́n sápá ọ̀tún. `hist` inú èdè R á tì wọ́n sápá òsì, àyàfi tí a bá kọ `right = FALSE`. Dátà kan náà, etí kan náà, àwòrán méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kí ọ̀rọ̀ yìí má baà wáyé, mo bẹ̀rẹ̀ láti ₦5,000, kí owó pípé lè wà ní inú ìpín, kí ó má bọ́ sórí etí:

```python
eti = np.arange(5000, 305001, 20000)
k, _ = np.histogram(owo, bins=eti)
```

Mo kọ́kọ́ dán ₦10,000 wò. Láti ₦45,000 lọ, ó fún mi ní 111, 79, 133, 63, 24, 54. Eyín kò tíì tán, torí àwọn ènìyàn fẹ́ràn ₦50,000 àti ₦100,000 ju àwọn owó pípé yòókù lọ. Pẹ̀lú ₦20,000, láti ₦5,000 lọ, iye wọn jẹ́ 90, 190, 190, 196, 78, 60, ó sì ń dínkù lọ díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Ní báyìí, a rí ìrísí kan: ó gòkè, ó tẹ́ pẹrẹsẹ láti ₦25,000 dé ₦85,000, ó sì já wálẹ̀ lójijì.

Ṣé òótọ́ ni jíjá yẹn, àbí etí ló tún dá a sílẹ̀? Ọ̀nà méjì ni mo gbà yẹ̀ ẹ́ wò. Àkọ́kọ́, mo sún ìbẹ̀rẹ̀ síwájú pẹ̀lú ₦10,000, ìbú kò yí padà. Láti ₦15,000, iye wọn di 165, 199, 212, 87, 78. Ibi pẹrẹsẹ náà yọ díẹ̀ láàárín, ṣùgbọ́n jíjá náà kò lọ síbì kankan. Èkejì, mo fi ìyàtọ̀ ọ̀pá méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn wéra pẹ̀lú gbòǹgbò onílọ́po méjì àpapọ̀ wọn. Láàárín 196 àti 78, ìyàtọ̀ jẹ́ 118, gbòǹgbò 274 sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 17; ìyàtọ̀ náà fi bí ìlọ́po méje jù ú lọ. Láàárín 190 àti 196, ìyàtọ̀ jẹ́ 6, gbòǹgbò sì jẹ́ nǹkan bíi 20. Ìyẹn kì í ṣe nǹkan kan. Láàárín 78 àti 60, ìyàtọ̀ 18 kò tó ìlọ́po méjì gbòǹgbò tó jẹ́ 12, nítorí náà mi ò sọ pé ó dínkù níbẹ̀. Bí ìyàtọ̀ kò bá tó ìlọ́po méjì, mi ò kí ń kọ ọ̀rọ̀ lé e lórí.

Ní ti ₦42,000 ti Scott, ìpín mẹ́ta àkọ́kọ́ rẹ̀ jẹ́ 280, 386 àti 138. Òkè kan tó dán ni, kò sí ariwo kankan nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi pẹrẹsẹ ti wọmi, a kò sì lè fi ojú rí ibi tí jíjá náà ti bẹ̀rẹ̀ mọ́.

Ó ku ọ̀pá ₦70,000. Ó yàtọ̀ sí ti ₦50,000 àti ₦100,000, torí ₦70,000 kì í ṣe owó tí ẹnu ènìyàn ń yára sọ lásán. Mo wo òpó iṣẹ́ nínú dátà náà: nínú àwọn 118 yẹn, 83 jẹ́ òṣìṣẹ́ tó ń gba owó oṣù. Owó òfin nìyẹn. Ìbú ₦20,000 bò ó mọ́lẹ̀, àwọn tó gba ₦80,000 sì wà pẹ̀lú rẹ̀ nínú ìpín kan náà. Mi ò torí ẹ̀ dín ìbú kù fún gbogbo àwòrán. Mo ya àwòrán kékeré kejì láti ₦45,000 dé ₦105,000 ní ìbú ₦10,000, mo sì kọ iye tó sọ ₦50,000 sí i, kí ẹni tó ń wò ó má baà ka ìyẹn náà sí ti òfin.

Ènìyàn 31 ló kọjá ₦305,000. NumPy kì í kìlọ̀ pé òun fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Àwọn tó bá wà lóde etí, ṣe ló máa ń fò wọ́n. Ẹ fi `k.sum()` wé iye ènìyàn nígbà gbogbo: 969 ló yẹ kó jáde níbí. Mi ò kó àwọn 31 jọ sínú ọ̀pá kan ní ìparí, torí ọ̀pá náà á dúró bí òkè tuntun, nígbà tó jẹ́ pé ó ń ṣojú fún àlàfo tó lé ní ₦2,000,000. Bí a bá pín 31 káàkiri àlàfo yẹn, kò tó ẹnì kan fún ₦20,000 kọ̀ọ̀kan.

Lọ́gì máa ń gba ọ̀pọ̀ nínú wàhálà ìrù gígùn yìí, ìyẹn àwọn olówó ńlá díẹ̀ tó fọ́nká lápá ọ̀tún. Níbí, òfin FD lórí `np.log10(owo)` fún mi ní nǹkan bíi 0.09. Ṣùgbọ́n láti ₦10,000 dé ₦20,000 jẹ́ 0.30 lórí lọ́gì, owó pípé kankan kò sì sí láàárín wọn àfi ₦15,000, nítorí náà apá òsì kún fún ìpín òfìfo, nígbà tí apá ọ̀tún dán. Mo lo lọ́gì láti fi yẹ ìrù wò, mi ò fi sínú ìròyìn.

Ohun tí mo kọ sísàlẹ̀ àwòrán ni pé ìbú jẹ́ ₦20,000 láti ₦5,000, pé ènìyàn 46 kò rówó kankan, pé 31 kọjá ₦305,000, àti pé ẹnu ni wọ́n fi sọ owó náà.