Ọjà tí a pè padà: kí la máa kọ sábẹ́ àwòrán rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ọ̀fà ni mo wà, Tọ́ọ̀mù Bráùn àwọn ọmọdé ni mò ń ṣe: àgbàdo, sóyà àti ẹ̀pà. Àyẹ̀wò ti fi hàn pé májèlé ẹ̀pà tó bu wà nínú báàṣì kan, T14, tí mo ti tà dé Ìlọrin. Mo kọ ọ́ sí wọ́sáàpù pé "ẹ má jáyà, ẹ má bínú, ìṣòro kékeré kan ló yọjú". Láti ìgbà náà ni fóònù mi ò ti sinmi. Kí ni kí n kọ?

Ìdáhùn: "Ẹ má jáyà" yẹn gan-an ló ń já wọn láyà. Ẹni tó kà á kò mọ̀ bóyá àpò tó wà ní kíṣìnnì òun wà lára rẹ̀, kò mọ ohun tó ṣe é, kò sì mọ ohun tí òun máa ṣe sí i. Ta ló fẹ́ bi bí kò ṣe ẹ̀yin? Ẹ yọ ẹ̀bẹ̀ kúrò lókè. Ẹ má sì lo àwòrán ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín níwájú àpò. Ẹ yí àpò náà padà, kí ẹ ya ibi tí nọ́ńbà báàṣì wà láti ìtòsí, kí ẹ fi ìlà pupa yí i ká. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ báyìí, kí ẹ fi ọjọ́ tiyín rọ́pò tèmi:

*A ń pe Tọ́ọ̀mù Bráùn wa tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ T14 padà. Ẹ wo ẹ̀yìn àpò, lábẹ́ ọjọ́ tí yóò bàjẹ́. A tà á láàárín ọjọ́ 3 sí ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án, 2025.*

*Májèlé tó máa ń wà nínú ẹ̀pà tó bu ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ojú kò lè rí i, sísè kò sì lè mú un kúrò.*

*Ẹ má fún ọmọ mọ́. Ẹ má fún adìyẹ tàbí ẹran. Ẹ dì í sínú ọ̀rá, kí ẹ gbé e padà síbi tí ẹ ti rà á. A máa dá gbogbo owó yín padà, bí àpò náà tilẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ẹ ò nílò rìsíìtì.*

*Bí ọmọ tó jẹ ẹ́ bá ń bì, tí inú rẹ̀ wú, tàbí tí ẹyinjú rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lónìí, kí ẹ mú àpò náà dání.*

Nọ́ńbà fóònù yín ló máa parí rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ tọrọ àforíjì, gbólóhùn kan tó nísàlẹ̀ pátápátá. Ìyá tó gbé ọmọ dání kò ráyè ka ìtàn bí ẹ ṣe ń fi gbogbo ọkàn ṣiṣẹ́.

Ìbéèrè: T14 nìkan ni wọ́n yẹ̀ wò. Ṣé mo lè kọ ọ́ pé kò sí ohun tó ṣe T13 àti T15?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì kọ ọ́. Àpò ẹ̀pà ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ ipa rẹ̀, kì í ṣe báàṣì. Ká ní ọjà Ìpàtà ni ẹ ti ra àpò ẹ̀pà méjì. Ẹ lo ìdajì àpò kìíní fún T13, ẹ lo ìyókù fún T14, àpò kejì ló wá bọ́ sí T15. Ẹ̀pà kan náà ló wà nínú T13 àti T14, nítorí náà T13 gbọ́dọ̀ padà wálé pẹ̀lú T14. T15 wà lọ́tọ̀, àfi bí ẹ bá da ẹ̀pà méjèèjì pọ̀ nínú abọ́ kan, tàbí bí ẹ bá lọ̀ ọ́ tẹ̀ lé T14 láìfọ ẹ̀rọ.

Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé ṣíbí kan tí ẹ bù nínú T13 lọ fún àyẹ̀wò. Májèlé yìí, áfúlátọ́síìnì ni wọ́n ń pè é, kì í tàn kárí. Ìwọ̀nba hóró díẹ̀ ló lè gbé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, kí ìyókù àpò mọ́ tónítóní. Ṣíbí kan lè bọ́ síbi tó mọ́ kó sì tàn yín jẹ. Bí ẹ ò bá ní àkọsílẹ̀ àpò tó wọ inú báàṣì kọ̀ọ̀kan, gbogbo èyí tí ẹ lọ̀ láàárín àkókò náà ni kí ẹ pè padà. Ó máa dùn yín lápò, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ ò lè máa pe ọjà padà lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀.

Ìbéèrè: Àwọn kan ní àwọn máa sè é pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹlòmíì ní òun máa tún un yan.

Ìdáhùn: Omi tó ń hó kì í gbóná ju 100 lọ lórí òṣùwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì. Áfúlátọ́síìnì máa ń fara da iná tó ju 200 lọ. Yíyan lè dín in kù, kò lè mú un kúrò tán. Oòrùn ń gbẹ omi inú ẹ̀pà kó má bàa bu sí i, àmọ́ májèlé tó ti wà níbẹ̀ kò ní torí ìyẹn lọ. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ̀rọ̀ sísè sínú èyí tó wà lókè: ẹni tí kò bá rí i níbẹ̀ máa gbà pé iná ń pa gbogbo nǹkan.

Ìbéèrè: Ìyá kan ní ọmọ òun ti ń jẹ ẹ́ láti ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ń sunkún. Kí ni mo máa sọ fún un?

Ìdáhùn: Ẹ má sọ fún un pé kò sí nǹkan kan, ẹ kì í ṣe dókítà. Ẹ má sì jẹ́ kó rò pé ikú ti dé. Ẹ bi í bóyá ọmọ ń bì, bóyá ó ń jẹun, bí àwọ̀ ojú rẹ̀ ṣe rí. Bí àmì kan bá wà, ilé ìwòsàn ni. Bí kò bá sí, kó dá a dúró, kó fún un ní oúnjẹ mìíràn, kó sì sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì nígbà tó bá lọ wọn ọmọ. Ẹ̀dọ̀ ni májèlé yìí ń bá jà. Jíjẹ ẹ́ fún ọdún pípẹ́ lè fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀, ohun tó sì fà á tí a kì í fi í ṣeré nìyẹn.

Ẹnì kan lè fi ìròyìn Kẹ́ńyà ránṣẹ́ sí yín. Lóòótọ́, ní 2004, àgbàdo tó bu pa èèyàn 125 níbẹ̀. Oúnjẹ ojoojúmọ́ wọn ni àgbàdo yẹn, májèlé rẹ̀ sì ga gan-an. Ẹ má ṣe fi ìròyìn bẹ́ẹ̀ sábẹ́ àwòrán yín, ẹ má sì ṣe bá ẹni tó fi ránṣẹ́ jiyàn níta.

Ìbéèrè: Ẹni tó ń sin adìyẹ ní Gánmọ̀ fẹ́ ra gbogbo èyí tó padà wá. Ṣé kí n tà á?

Ìdáhùn: Rárá o. Ikú tòlótòló ni wọ́n fi mọ májèlé yìí lágbàáyé. Ní 1960, tòlótòló tó ju 100,000 lọ kú ní Ìlú Ọba, ẹ̀pà tí wọ́n fi ṣe oúnjẹ wọn ló pa wọ́n. Bí màlúù bá jẹ ẹ́, yóò gba inú wàrà jáde, ẹ sì mọ iye èèyàn tó ń jẹ wàrà ní Ìlọrin. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ síbi kan, kí ẹ tì í pa, kí ẹ ka àpò tó wọlé, kí ẹ sì pe ọ́fíìsì NAFDAC ní Ìlọrin kí ẹ tó dáná sun ohunkóhun.

Ìbéèrè: Ọjọ́ wo ni mo lè yọ ìkéde náà kúrò?

Ìdáhùn: Sítátọ́ọ̀sì wọ́sáàpù kì í lò ju wákàtí 24 lọ, ó máa ń kúrò fúnra rẹ̀. Ẹ máa tún un gbé síbẹ̀ títí ọjọ́ tí T14 yóò bàjẹ́ á fi kọjá. Ẹ tún fi ohùn yín sọ ọ́ ní Yorùbá, kó má ju ìṣẹ́jú kan lọ, torí ìyá àgbà ló ń ro oúnjẹ ọmọ ní ọ̀pọ̀ ilé, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í ka ohun tí a kọ. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ kan náà sórí bébà, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó ń bá yín tà á.