Bí mo ṣe fi ìwé ìfọwọ́sí àwọn àjọ ìdíje òwò to ìtàn bí AB InBev ṣe di ńlá

AB InBev ni iléeṣẹ́ bíà tó tóbi jù láyé, rírà ló sì fi di bẹ́ẹ̀. Ìtàn tí iléeṣẹ́ bá fẹnu ara rẹ̀ sọ máa ń fo ohun tó tà dànù àtohun tí ìjọba gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé àwọn àjọ tó ń mójú tó ìdíje òwò kì í fò ó, torí pé ẹni tó bá fẹ́ ra iléeṣẹ́ mìíràn gbọ́dọ̀ sọ fún wọn ta ló ni òun, kí lòun fẹ́ rà, ibo lòun sì ti ń tajà. Irọ́ níbẹ̀ ní owó ìtanràn.

Kí n tó wá ohunkóhun, orúkọ ni mo kọ́kọ́ tò sílẹ̀. Orúkọ ọjọ́ tí wọ́n kọ fáìlì ló máa ń wà lára rẹ̀, kì í ṣe ti òní. Interbrew ni iléeṣẹ́ yìí ń jẹ́ ní Bẹ́líjíọ̀mù títí di 2004, nígbà tó dà pọ̀ mọ́ AmBev ti Bràsíì tó di InBev. Lẹ́yìn tó ra Anheuser-Busch ní 2008 ló tó di AB InBev. AmBev fúnra rẹ̀, Brahma àti Antarctica ló para pọ̀ bí i ní 1999. Ẹni tó bá tẹ "AB InBev" nìkan kò ní rí ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú ìparí 2008.

Ìkànnì àjọ Yúróòpù ni mo ti bẹ̀rẹ̀, `competition-cases.ec.europa.eu`. Mo yan ẹ̀ka "Merger", mo sì ń tẹ orúkọ kọ̀ọ̀kan. Nínú ohun tó jáde ni M.2044 Interbrew / Bass, M.2569 Interbrew / Beck's, àti M.7881 AB InBev / SABMiller. Ẹni tó ń rà ló sábà máa ń ṣáájú ìlà `/` yẹn, ẹni tí wọ́n ń rà á sì tẹ̀ lé e. Nínú ìwé àtijọ́, "COMP/M." tàbí "IV/M." ló ṣáájú nọ́ńbà, ohun kan náà ni.

Ìwé ìpinnu lè gùn, ṣùgbọ́n abẹ́ àkọlé "THE PARTIES" àti "THE OPERATION" ni ìtàn ìdàgbà wà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ ìpín tí olúkúlùkù ní nínú ẹlòmíràn. Lẹ́yìn náà ni mo wo abala òfin tí wọ́n fi gbé ìpinnu jáde. 6(1)(b) nìkan túmọ̀ sí pé wọ́n fọwọ́ sí i láìgba nǹkan kan. Tí 6(2) bá tẹ̀ lé e, ohun kan wà tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀, títà apá kan òwò ló sì sábà máa ń jẹ́. Ìpín nínú ọjà kì í hàn gbangba: `[30-40]%` lo máa rí, torí pé àṣírí òwò ni wọ́n kà á sí. Bó ṣe wà yẹn gan-an ni kó o kọ ọ́. Tó o bá mú àárín rẹ̀, ìyẹn 35, tó o wá fi wé ti ọdún mìíràn, ìdàgbà tí kò sí lo máa rí.

Nínú ṣíìtì mi, òpó méjì ni mo yà fún ọjọ́: ọjọ́ ìfọwọ́sí àti ọjọ́ tí òwò parí. Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù nínú irú iṣẹ́ yìí ni kí wọ́n ka ìfọwọ́sí sí rírà. Ẹ wo SABMiller, iléeṣẹ́ bíà ńlá tí AB InBev rà ní 2016. Ìwé ìbéèrè dé ọ̀dọ̀ àjọ Yúróòpù ní 30 oṣù kẹta 2016, wọ́n sì fọwọ́ sí i ní 24 oṣù karùn-ún lábẹ́ 6(1)(b) pẹ̀lú 6(2). Ṣùgbọ́n Gúúsù Áfíríkà fọwọ́ sí tirẹ̀ ní 30 oṣù kẹfà, Amẹ́ríkà ní 20 oṣù keje, Ṣáínà ní 29 oṣù keje. 10 oṣù kẹwàá ni òwò tó parí.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àjọ yẹn ló sì bu nǹkan kúrò lára ẹran náà. Yúróòpù ní kó yọwọ́ nínú fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo òwò bíà SABMiller ní ilẹ̀ wọn: Peroni, Grolsch àti Meantime bọ́ sọ́wọ́ Asahi ti Jàpáànù, lẹ́yìn náà sì ni ti Sẹ́ẹ̀kì, Sìlòfákíà, Pólándì, Họ́ńgárì àti Ròmáníà, tó parí ní oṣù kẹta 2017. Amẹ́ríkà gba ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún tí SABMiller ní nínú MillerCoors, ó lọ sọ́dọ̀ Molson Coors. Ṣáínà gba ìdá 49 tó ní nínú CR Snow, iléeṣẹ́ bíà ilẹ̀ wọn, ó padà sọ́wọ́ China Resources. Púpọ̀ nínú rẹ̀ jáde ní ọjọ́ kejì tí òwò parí, 11 oṣù kẹwàá. Ẹni tó bá kọ "ó ra SABMiller" sí ìlà kan ṣoṣo ti sọ iléeṣẹ́ náà di ńlá ju bó ṣe rí lọ. Ìlà ìyọkúrò ni mo kọ sábẹ́ ìlà rírà kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó gbà á.

Ti Bass, iléeṣẹ́ bíà Gẹ̀ẹ́sì tí Interbrew rà, le jù bẹ́ẹ̀. M.2044 jáde ní oṣù kẹjọ 2000, ṣùgbọ́n tó o bá kà á dópin, àjọ Yúróòpù dá apá tó kan ọjà Gẹ̀ẹ́sì padà fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì láti ṣèpinnu. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2001 ni ìjọba náà ní kí Interbrew ta Bass padà. Ó gbé ọ̀rọ̀ lọ sílé ẹjọ́, ó ráyè mí díẹ̀, ìparí rẹ̀ sì ni pé ó ta òwò bíà Carling tó bá Bass wá fún Coors ní 2002, ó mú bíà Tennent's dání. Nítorí náà, tó o bá rí i pé wọ́n dá ẹjọ́ padà fún orílẹ̀-èdè kan, má dúró sí Yúróòpù. Àjọ tó gbọ́ ẹjọ́ yẹn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti kógbá wọlé ní 2014, àjọ tí wọ́n ń pè ní CMA ló sì jogún iṣẹ́ rẹ̀. Inú àkójọ ìkànnì àtijọ́ ìjọba wọn lo ti máa rí ìwé náà.

Ní ti Bràsíì, àjọ CADE ló fọwọ́ sí Brahma àti Antarctica ní oṣù kẹta 2000. Nọ́ńbà fáìlì náà ni `08012.005846/99-12`, ó sì pa á láṣẹ pé kí wọ́n ta orúkọ Bavaria pẹ̀lú ilé ìpọntí márùn-ún.

Àlàfo wà, ó sì yẹ kó hàn nínú ṣíìtì. Oṣù kẹsàn-án 1990 ni òfin ìdàpọ̀ Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nítorí náà ìdàpọ̀ Artois àti Piedboeuf tó bí Interbrew ní ìparí àwọn ọdún 1980 kò sí níbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ìwé tí iléeṣẹ́ bá fi ránṣẹ́ kì í hàn sí gbogbo ayé. Ìgbà tí ìjọba bá pè é lẹ́jọ́ la máa ń rí nǹkan kà, bíi ti Grupo Modelo ní 2013. Èyí tí owó rẹ̀ kéré sí gbèdéke tí òfin fi ń ní kí iléeṣẹ́ kọ̀wé sí ìjọba kì í tiẹ̀ dé ibẹ̀: Goose Island tó rà ní 2011 jẹ́ mílíọ̀nù 38.8 dọ́là, gbèdéke ọdún yẹn sì jẹ́ mílíọ̀nù 66.

Àlàfo tó kàn wá jù ni ti International Breweries ní Iléṣà, tó ń pọn Trophy. Inú ẹrù SABMiller ló bá wọ AB InBev ní 2016. Àjọ Yúróòpù, ọjà ilẹ̀ tirẹ̀ nìkan ló ń wò, nítorí náà M.7881 kò ní sọ tirẹ̀ fún ọ. Ìdàpọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú Intafact ti Onítṣà àti Pabod ti Port Harcourt ní 2017 sì bọ́ sí ìgbà tí SEC, àjọ tó ń mójú tó ọjà ìpín ìdókòwò, ṣì ń fọwọ́ sí ìdàpọ̀ ní Nàìjíríà, kí òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2019 tó gbé iṣẹ́ yẹn fún FCCPC, àjọ tó ń mójú tó ìdíje òwò. Ẹni tó bá wá a ní FCCPC yóò pa dà lọ́wọ́ òfo. Ìwé ìdàpọ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí àwọn onípìn-ín àti ìròyìn ọdọọdún iléeṣẹ́ náà ni mo fi dí i, mo sì fi àwọ̀ mìíràn kun ìlà wọ̀nyẹn, kí ẹni tó bá ń kà á mọ̀ pé ẹnu iléeṣẹ́ fúnra rẹ̀ la ti gbọ́ ọ, kì í ṣe ti àjọ.