Wọ́n yọ owó-orí lẹ́ẹ̀mejì ní Keje, síbẹ̀ gbèsè ló kù

Àbúrò mi kúrò níbi iṣẹ́ kan ní Yaba, ó bọ́ sí òmíràn ní Marina. Àwọn méjèèjì ló sanwó oṣù Keje, tí wọ́n sì yọ owó-orí, ló bá ń retí owó àdápadà. Mo ní kó kó ìwé owó-oṣù rẹ̀ wá.

Lẹ́yìn tí wọ́n yọ owó ìfẹ̀yìntì, ₦300,000 lóṣù ni ti àkọ́kọ́ fún oṣù méje, ₦500,000 lóṣù ni ti èkejì fún oṣù mẹ́fà: àpapọ̀ ₦5,100,000. Lábẹ́ òfin owó-orí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2026, ₦800,000 àkọ́kọ́ kò ní owó-orí. ₦2,200,000 tó tẹ̀lé e, ìdá 15 nínú 100. Èyí tó kù, ìdá 18. Owó-orí ọdún náà jẹ́ ₦708,000. Èyí tí wọ́n ti yọ jẹ́ ₦690,500. Ó ku ₦17,500.

Ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló fún un ní ìpín oṣù Keje nínú ₦800,000 tí kò ní owó-orí àti nínú ìdá 15 yẹn, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan ló tọ́ sí i. Ká ní oṣù kan ló fi wà láìníṣẹ́ ni, iye yẹn gan-an ni ì bá gbà padà.

Mo wá béèrè owó ilé. ₦600,000 ló ń san lọ́dún, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni níbi iṣẹ́! Òfin gbà kí a yọ ìdá 20 nínú 100 owó ilé kúrò nínú owó tó ń wọlé kí a tó ṣírò owó-orí, ṣùgbọ́n iye tí a ó yọ kò gbọ́dọ̀ ju ₦500,000 lọ. ₦120,000 náà dín owó-orí kù ní ₦21,600, gbèsè sì di ₦4,100 tí yóò gbà. Kó tọ́jú rìsíìtì onílé, kó sì kọ ọ́ sínú ìwé owó-orí Ìpínlẹ̀ Èkó kí 31 oṣù Kẹta tó kọjá.